Ta Ló Ṣe Kí Ni? Ìwé Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Fi Tún Gẹ̀ẹ́sì Àpilẹ̀kọ Rẹ̀ Ṣe

Nígbà tí alábòójútó bá dá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ padà fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ìwé gírámà ni àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń sáré lọ rà fún un. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n sì máa ń bi mí léèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kò ní ìṣòro gírámà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn bá olùwà mu, àmì ìdánudúró wọn sì wà níbi tó yẹ. Síbẹ̀, èèyàn á ka odidi ojú ewé kan tán, kò ní lè sọ ohun tí wọ́n ń wí. Àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí ìwé gírámà ń wò. Ìwé mìíràn ló ń wò ó, n ó sì fi iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé bí ó ṣe ń wò ó.

Oyè másítà ni ọmọ náà ń kà. Ìwádìí rẹ̀ dá lórí àwọn obìnrin tó ń ta gàrí ní ọjà kan ní Ìbàdàn: kí ló dé tí wọ́n ṣì ń dá owó fún alájọ, nígbà tí bánkì wà nítòsí wọn? Ó jókòó tì wọ́n nídìí igbá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ kún inú ìwé kékeré kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ padà, níbi tó ti yẹ kó sọ ohun tó rí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n sọ fún un pé tí orí náà kò bá tó tó kí sáà parí, yóò san owó ọdún mìíràn. Bàbá rẹ̀ kò ní owó ọdún mìíràn. Ó wá bá mi, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìwé wo ni mo lè kà tí Gẹ̀ẹ́sì mi á fi dà bíi ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n?” Mo ka orí kẹrin náà, mo sì sọ fún un pé ó ti dà bíi ti wọn jù, pé ibẹ̀ gan-an ni àrùn náà wà.

Ìwé tí gbogbo èèyàn mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni *The Elements of Style*. William Strunk, tó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ ní 1918 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. E. B. White, tí Strunk kọ́ níbẹ̀, tún un ṣe, ó sì fi kún un ní 1959. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì dára fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà tàbí àròkọ. Ó ń pàṣẹ pé kí o yọ ọ̀rọ̀ tí kò wúlò kúrò, pé kí o sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì kò mọ èyí tí kò wúlò nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ń wúlò lójú rẹ̀. Àṣẹ ni ìwé náà ń pa, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ bí èèyàn ṣe máa dá àìsàn náà mọ̀ nínú gbólóhùn tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Ìwé tí mo gbé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ti Joseph M. Williams, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Chicago nígbà ayé rẹ̀. Ní 1981 ló kọ́kọ́ jáde. Tí ẹ bá ń wá a lórí kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé, orúkọ tí ẹ máa tẹ̀ ni *Style: Lessons in Clarity and Grace*. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tó ti pẹ́ tí wọ́n ń tà ní ọjà ìwé àlòkù kò sì burú, nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ohun tí Williams mọ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kò lè rí òkùnkùn inú rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí náà, bó bá ti ń kà á ni ìtumọ̀ ń jáde láti orí rẹ̀, kì í ṣe láti inú ìwé. Fún ìdí èyí, ó fún òǹkọ̀wé ní ohun tó lè fi ojú rí, tó lè fi pẹ́ńsùlù fà nílà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Mú ojú ewé kan nínú iṣẹ́ tìrẹ. Fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ méje tàbí mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ ní ìbéèrè méjì: ǹjẹ́ èèyàn tàbí ohun kan tó ń ṣe nǹkan wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó sọ ohun tó ṣe wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀-orúkọ tí a kò lè fojú rí ló kún ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ méje sì parí láìtíì kan ọ̀rọ̀-ìṣe, gbólóhùn náà ń ṣàìsàn.

A fa ìlà náà sí ojú ewé kan nínú orí kẹrin. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo lábẹ́ ìlà wa. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo máa tú sí Yorùbá bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún: “Ìtẹ̀síwájú ìlò ètò ìkówójọ aláìjẹmọ́-ìjọba ni okùnfà rẹ̀ jẹ́ ìtànkálẹ̀ àìfọkàntán àwọn iléeṣẹ́ ìṣúná àti wíwà ìdíwọ́ àkókò.” Kò sí àṣìṣe gírámà kankan nínú ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ báyìí nídìí igbá gàrí, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan níbí. Nínú èdè wa, a lè rí bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń di ọ̀rọ̀-orúkọ. “Lò” ni ọ̀rọ̀-ìṣe, a fi “ì” síwájú rẹ̀, ó di “ìlò”. “Tẹ̀ síwájú” di “ìtẹ̀síwájú”, “kò fọkàn tán” di “àìfọkàntán”. Bí “ì” tàbí “à” bá ti wọlé, ẹni tó ń ṣe nǹkan náà lè jáde láìjẹ́ pé gbólóhùn wó. Tí o bá sọ pé “lò”, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló lò ó. Tí o bá sọ pé “ìlò”, ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ohun kan náà, àmọ́ ìrù ọ̀rọ̀ ni ó ń lẹ nǹkan mọ́, kì í ṣe orí rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo ní kí ọmọ náà ṣe ni pé kó tú gbólóhùn rẹ̀ sí Yorùbá, kó sì wá gbogbo “ì” àti “à” inú rẹ̀. Ibikíbi tó bá ti rí ọ̀kan, kí ó béèrè pé: ta ló ṣe é?

A bẹ̀rẹ̀. Ta ló ń tẹ̀ síwájú? Ó ní, “Àwọn obìnrin náà ni.” Kí ni wọ́n ń ṣe? “Wọ́n ṣì ń dá owó fún alájọ.” Ta ni kò fọkàn tán bánkì? Ó dákẹ́. Ó ní, “Gbogbo wọn ni, Àǹtí.” Mo bi í pé gbogbo wọn báwo. Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ewé kan dé èkejì. Obìnrin méjì péré ló sọ pé àwọn kò fọkàn tán bánkì, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé ìyá òun ló fi owó sọnù nígbà kan rí. Ohun tí àwọn tó kù sọ yàtọ̀: alájọ máa ń wá bá àwọn nídìí igbá, ṣùgbọ́n tí àwọn bá fẹ́ lọ sí bánkì, àwọn gbọ́dọ̀ fi ọjà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí àwọn lọ tò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé gbólóhùn àkọ́kọ́ le láti kà nìkan. Ó sọ ohun tí àwọn obìnrin náà kò sọ. “Ìtànkálẹ̀ àìfọkàntán” jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹni méjì dà bí ọ̀rọ̀ gbogbo ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì fura, nítorí pé ọ̀rọ̀ ńlá náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èèyàn mélòó. Alábòójútó rẹ̀ ti ń kọ “kò yé mi” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́. Òun rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wí.

Gbólóhùn tó kọ lẹ́yìn náà, tí a bá tú u sí Yorùbá, nìyí: “Àwọn obìnrin náà ṣì ń dá owó fún alájọ nítorí pé ó ń wá bá wọn nídìí igbá, ṣùgbọ́n bánkì ń béèrè pé kí wọ́n fi ọjà sílẹ̀. Àwọn méjì fi kún un pé àwọn kò fọkàn tán bánkì.” Èyí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé kíké ọ̀rọ̀ kúrú nìkan ni ìwòsàn yóò ṣi í ṣe. Ohun tó yí padà ni pé àwọn èèyàn ti padà sí ipò olùwà, ohun tí wọ́n ṣe sì ti padà di ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì tí mo fẹ́ kí ó mú nínú ìwé Williams ni bí gbólóhùn kan ṣe ń fà á dé èkejì. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè mọ́ gaara, kí ìpínrọ̀ sì ṣì máa ta gìrọ́. Òfin tó fi lélẹ̀ kò le: ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ohun tuntun ni kí o fi parí rẹ̀. Ohun tuntun yẹn náà yóò wá di ohun tó ti mọ̀ fún gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń pa àlọ́ mọ èyí láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Kì í kàn ju àgbò sáàárín àlọ́. Á kọ́kọ́ ní Ìjàpá ń lọ sí oko kan, pé ní oko náà ó rí àgbò kan, pé àgbò náà wá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpínrọ̀ tó ṣàlàyé iṣẹ́ alájọ nínú orí kẹrin. Ó kọ ọ́ báyìí: “Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò lójoojúmọ́. Káàdì kékeré kan jẹ́ ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì. Owó ọjọ́ kan ni èrè tó ń gbà ní ìparí oṣù.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì náà já bọ́ láti ojú ọ̀run, èrè sì dé láìkí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó tún un tò, ó di: “Lójoojúmọ́, alájọ ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Owó yìí ni ó ń sàmì rẹ̀ sí orí káàdì kékeré kan. Káàdì náà ni àwọn méjèèjì jọ ń kà ní ìparí oṣù, kí alájọ tó dá owó padà. Nínú owó tó dá padà ni ó ti ń yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀.” Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e: owó mú káàdì wá, káàdì mú ìparí oṣù àti owó tó ń padà wá, owó tó ń padà mú èrè wá.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ nípa ohun kan tí àwọn olùkọ́ kan máa ń fi dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á ní kò gbọdọ̀ kọ irú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí wá síwájú, tó sì fi ẹni tó ṣe é sẹ́yìn tàbí tí kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Williams kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ wo ohun tí òǹkàwé ti mọ̀. Tó bá jẹ́ owó ni a ń sọ bọ̀, tí a sì fẹ́ kí “owó yìí” bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, irú gbólóhùn yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún iṣẹ́ náà. Àwa ní “ni”: “owó yìí ni ó ń sàmì rẹ̀.” Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá yọ gbogbo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ yóò tú okùn tó so ìpínrọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ní orí tí a ti ń sọ bí a ṣe ṣe ìwádìí náà, ó tilẹ̀ jẹ́ àṣà ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ láti lò ó, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe ṣe pàtàkì ju ẹni tó ṣe é lọ.

Òpin agbára ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ náà wà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tó wá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ká tú palẹ̀. “Ìwádìí” tí gbogbo èèyàn mọ̀ bí ohun kan kò nílò pé ká tún máa béèrè ta ló wádìí ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ti fẹnu kò sí. Nínú iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dúró fún “ìfowópamọ́” sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí pé òun gan-an ni kókó iṣẹ́ náà. Bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ ni pé ká tú u wò lẹ́ẹ̀kan. Tí gbólóhùn bá mọ́ sí i, a gbà á. Tó bá kàn ń gùn láìsí ohun tuntun tó sọ, a dá a padà.

Ìṣòro kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ìwé Williams kò lè wò. Orí kejì, níbi tí a ti ń sọ ohun tí àwọn tó ṣáájú ti kọ, dà bí ìwé orúkọ kíláàsì: Lágbájá sọ èyí, Tẹ̀mẹ̀dù sọ ìyẹn, Lámọrín náà sọ tirẹ̀. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́, àmọ́ a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀. Fún èyí, mo yá a ní ìwé kejì, *They Say / I Say*, tí Gerald Graff àti Cathy Birkenstein kọ ní 2006. Ohun tí ìwé náà dì mú ni pé kò sẹ́ni tó ń dédé sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ ìmọ̀. Ẹnì kan ti sọ nǹkan, ìwọ ń dá a lóhùn: o gbà, o kò gbà, tàbí o gbà díẹ̀ kí o sì fi kún un. Ó fún òǹkọ̀wé ní férémù gbólóhùn tó lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún, bí ìgbà tí àwa náà bá ní “Òótọ́ ni Lágbájá sọ, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé…” Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀kan nínú wọn wọn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́ka sí fi àìfọkàntán ṣe ìdí, nígbà tí ìwé kékeré tirẹ̀ fi jíjìnnà sí ìdí igbá ṣe ìdí. Ohun tó ń wá láti fi parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti wà nínú àpò rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò lọ́jà.

Ewu ìwé kejì yìí ni pé bí èèyàn bá lo férémù náà ní gbogbo ìpínrọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ á dún bí àgbá òfìfo tí wọ́n ń lù lójú kan. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú orí kan ti tó, níbi tó ti fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ṣáájú.

Ẹni tí ọjọ́ ti sún mọ́ kò lè ka ìwé méjèèjì láti páálí dé páálí, kò sì yẹ kó gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé ó ka ẹ̀kọ́ kan nínú ìwé Williams ní alẹ́, ó sì fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ojú ewé mẹ́ta péré nínú iṣẹ́ tirẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó tẹ ojú ewé náà sórí bébà, nítorí pé ojú máa ń sáré kọjá lórí kọ̀ǹpútà. Kì í sì fa ìlà sí ojú ewé tó kọ lọ́jọ́ náà. Ó ń jẹ́ kó sùn mọ́jú, kí ìtumọ̀ tó wà lórí rẹ̀ lè tutù díẹ̀. Orí kẹrin gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alábòójútó rẹ̀ dá a padà ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ìbéèrè nípa alájọ àti àwọn obìnrin náà: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí owó tí alájọ bá kú láàárín oṣù? Ìbéèrè nípa ọjà ni, kì í ṣe nípa Gẹ̀ẹ́sì. Ó gbé ìwé kékeré rẹ̀, ó padà lọ sídìí igbá láti lọ béèrè.